Ìdá 25 tí mo fi ẹnu ara mi bèèrè

Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ìdá 25 nínú 100 kún owó oṣù mi." Wọ́n ní, "Kò burú. Lọ tẹ lẹ́tà ẹ̀ wá, kí n buwọ́ lù ú."

Ó yẹ kí n ti fura. Ta ló ń béèrè owó lọ́wọ́ ọ̀gá tí ọ̀gá ò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀? Ṣùgbọ́n inú mi dùn dé orí. Oṣù Keje ọdún 2024 ni, ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣe ìwé owó.

Bí mo ṣe dé ìdá 25 yẹn nìyí. Láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni 180,000 náírà ti jẹ́ owó oṣù mi. Oṣù yẹn gan-an ni báǹkì àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye ọjà ti fi ìdá 34.19 lé sí ti Oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú. Mo gbé fóònù mi, mo fi 1.3419 pín 180,000, ó fún mi ní nǹkan bí 134,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí 134,000 ń rà lọ́dún tó kọjá ni 180,000 mi ń rà báyìí. Owó mi ti fi ìdá 25 rẹlẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé ìdá 25 náà ni kí n bèèrè, kó lè padà sípò.

Àǹtí mi tó ń ta èlò oúnjẹ ní Bódìjà ni mo kọ́kọ́ ròyìn ayọ̀ fún. Wọn ò kàwé ju girama lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn ṣeré níbi ìṣirò owó. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ ọmọ yìí. Tí mo bá ní ọjà ẹgbẹ̀rún kan, tí mo yọ ìdá 25 kúrò fún oníbàárà, èló ló kù?"

"750, mà."

"Tó bá wá di ọ̀la, tí mo fi ìdá 25 lé 750 yẹn, ṣé ẹgbẹ̀rún kan ló máa padà jẹ́?"

Mo ṣe é lórí fóònù. 937 àti kọ́bọ̀ ni. Ọkàn mi rẹ̀ wẹ̀sì. Owó tó ti wálẹ̀ ti kéré, ìdá 25 lára nǹkan kékeré ò tó ìdá 25 lára nǹkan ńlá. Tí ọjà bá fi ìdá 34 gòkè, ìdá 34 yẹn gan-an ló yẹ kí owó oṣù fi gòkè, kì í ṣe iye tí agbára rẹ̀ fi dínkù. Ó yẹ kí n bèèrè 241,500. Mo gba 225,000. Ohun tó lé ní 16,000 lóṣooṣù ni mo fi ẹnu ara mi yọ dànù, mo tún dúpẹ́ lé e.

Àǹtí ò tíì parí. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé ìdá 34 ni ọjà mi fi gòkè. Òótọ́ ni: nínú ìkéde kan náà, ti oúnjẹ nìkan jẹ́ ìdá 40.87. Iye gbogbogbòò yẹn ní owó aṣọ nínú, ó ní tẹlifóònù nínú, ó ní oríṣiríṣi nǹkan tí èmi kì í rà lóṣù. Ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ sórí gààrí àti ọkọ̀ ò gbé inú iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò kàn fi owó mi ra dọ́là. Mo gbìyànjú ẹ̀ o. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, mo ra 100 dọ́là lọ́wọ́ àwọn mọ̀lá ní 1,800 náírà sí dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹrin, náírà ti sún padà, owó ilé mi sì ti pé. 1,150 ni mo tà á. 65,000 náírà lọ báyẹn. Dọ́là lè ṣọ́ owó tí a ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún kan, ọdún méjì. Owó tí mo máa ná kí oṣù méjì tó pé ò ní àǹfààní kankan níbẹ̀, owó oṣù mi sì rèé, bóyá ni ó ń kọjá ọjọ́ ogún.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo ṣàlàyé, mo fi ìṣirò hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ̀ látìgbà tí mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n bébà àti yíǹkì tí à ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, dọ́là ló ń na àwọn náà lẹ́gba. Ẹ̀bẹ̀ mi kejì ni wọ́n gbà: pé kí a máa tún owó oṣù wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Èmi ni mo kọ gbólóhùn náà sínú lẹ́tà: kí a mú òǹkà iye ọjà tuntun tí àjọ ìṣirò gbé jáde, kí a fi òǹkà ti ìgbà tó kọjá pín in, kí a fi èsì rẹ̀ sọ owó oṣù di púpọ̀. Tí òǹkà bá kúrò ní 100 tó di 110, 225,000 á di 247,500. Mo ṣọ́ra kí n má lo ìdá ọlọ́dọọdún tí wọ́n ń kà lórí rédíò, nítorí ọdún kan gbáko ni ìyẹn ń wọ̀n, oṣù mẹ́fà sì ni tiwa.

Mo rò pé mo ti gbọ́n tán.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀gá pè mí wọ yàrá wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ṣé o gbọ́ ìròyìn? Ọ̀wọ́n gógó ti já. Láti 34.80 ní Oṣù Kejìlá, ó ti di 24.48." Nǹkan kankan ò já. Àjọ ìṣirò ló pa òǹkà àtijọ́ tì. Wọ́n tún apẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tò, wọ́n sì gbé ọdún ìpìlẹ̀ láti 2009 wá sí 2024. A ò lè fi òǹkà àtijọ́ pín tuntun, bí ìgbà tí ènìyàn fi kọ́ńgò wọn gààrí lánàá, tó wá fi ife wọ̀n ọ́n lónìí ni. Tó bá sì tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé ìdá náà já, ohun tó ń sọ ni pé ọjà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sọ pé ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Gbólóhùn mi nínú lẹ́tà ò rí ibi dúró mọ́. Ohun tó yọ mí ni ìwé kékeré kan tí Àǹtí ní kí n ra lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ kẹta oṣù ni mo máa ń kọ ọ́: ohun tí mo ń jẹ àti ọkọ̀ tí mo ń wọ̀, iye tí mo ń rà lóṣù, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kan náà, pẹ̀lú kọ́ńgò kan náà. Ti kọ́ńgò yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn mìíràn ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú, iye rẹ̀ ò yí padà ṣùgbọ́n ìrẹsì inú ẹ̀ ti dínkù. Ní Oṣù Keje, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 142,000. Ní Oṣù Kìíní, ó di 158,000. Mo fi han ọ̀gá, 225,000 mi á di nǹkan bí 250,000 nìyẹn.

Àǹtí tiẹ̀ ní mo ṣì ń rẹ́ ara mi jẹ. Wọ́n ní Oṣù Keje ni oúnjẹ máa ń wọ́n jù, kí ìkórè tó wọlé, Oṣù Kìíní sì máa ń rọ̀ díẹ̀. Keje sí Keje ló yẹ kí n máa fi wéra. N kò sọ ìyẹn fún ọ̀gá o, mo ń fi í pamọ́ de Oṣù Keje.

Ọ̀gá yí ìwé náà sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì. Wọ́n béèrè pé èló ni wọ́n ń ta kọ́ńgò ẹ̀wà báyìí. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n mí kanlẹ̀, ìmí gígùn tí mo ti ń retí láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì kọ 245,000 sí etí lẹ́tà náà.