Ẹ Ka Oníbàárà Yín Kí Ẹ Tó Lọ Bá Olówó

Àwọn ìyá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Àgbàdo níbí ní kí a bá wọn wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ sọ níwájú olówó. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni wọ́n fẹ́ béèrè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni pé èrò Èkó pọ̀ bí yanrìn, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹja, bí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá ra tiwọn, ó parí. Olówó ti gbọ́ èyí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni orúkọ ẹni tó máa wá sí ẹnu póńdù.

Torí náà a ní kí wọ́n gbé ìwé, kí a rìn. A dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se pẹpẹsúùpù àti àwọn tó ń yan ẹja, láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndó. Ìbéèrè mẹ́ta là ń bi wọ́n: kílò mélòó lẹ ń rà lọ́sẹ̀, èló lẹ ń rà á, ta ló ń gbé e wá? Nígbà tí a ro ti àwọn tó ní àwọn á gba ẹja lọ́wọ́ wọn pọ̀, ó jẹ́ 60 kílò lọ́sẹ̀. Ó kéré lójú àwọn ìyá yìí, àmọ́ òun gan-an ni ọjà wọn.

Ẹ wo ohun tí 60 yẹn ṣe. Wọ́n fẹ́ da 1,000 ọmọ ẹja sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí 100 bá kú, tí èyí tó kù bá tó kílò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 900 kílò nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 15 ni wọ́n á fi tà á tán, ẹja á sì máa jẹun lójoojúmọ́ tó ń dúró de oníbàárà. Àfi kí wọ́n tà á lọ́pọ̀ fún alágbàtà ní iye tó bá wù ú. A ní kí wọ́n pín in sí mẹ́ta, kí wọ́n máa da apá kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún. 300 kílò tó bá jáde á tán ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òmíràn á sì ti gbó.

Ẹ má sọ fún olówó pé ẹ kò ní ẹni tí ẹ jọ ń du ọjà. Ẹja ń wọ Èkó láti Ìkòròdú àti Ẹ̀rìwè lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí póńdù pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn yẹn lè tà ní ẹ̀dínwó jù yín lọ. Ẹja inú yìnyín náà wà, àmọ́ ìyá onípẹpẹsúùpù kò lè fi Títọ́ọ̀sì rọ́pò àrọ̀ tí oníbàárà fẹ́ rí láàyè kí wọ́n tó pa á. Ohun tí ẹ ní ni pé ẹ sún mọ́ wọn, ẹ sì lè gbé kílò márùn-ún péré lọ fún wọn láàyè.

Ó wá ku ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí o, ẹ fi ti ọjà òní rọ́pò wọn. Kí ẹja tó fi kílò kan kún ara rẹ̀, ẹ ka oúnjẹ sí kílò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Fún 900 kílò, ìyẹn jẹ́ àpò 78, àpò oníkílò 15. Bí àpò kan bá jẹ́ 25,000, oúnjẹ nìkan gba 1,950,000. Ẹ fi 150,000 ọmọ ẹja àti 250,000 omi, epo àti òṣìṣẹ́ kún un, ó di 2,350,000. Bí wọ́n bá ta kílò ní 3,000, owó tó wọlé jẹ́ 2,700,000, èrè sì jẹ́ 350,000.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń dákẹ́, ibẹ̀ sì ni olówó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bí kílò bá já sí 2,600, àdánù 10,000 ni. Bí oúnjẹ bá fi ìdá márùn-ún gbówó lórí, àdánù 40,000 ni. Ẹ kúkú sọ ọ́ fúnra yín kó tó béèrè.

Èlé náà kò tíì sí nínú rẹ̀. Àwọn ìyá náà ní 500,000 lọ́wọ́. Owó tí apá kìíní bá mú wọlé á ra 350,000 nínú oúnjẹ tí àwọn tó kù máa jẹ. Ohun tó kù láti béèrè jẹ́ 1,500,000, kì í ṣe mílíọ̀nù márùn-ún. Bí olówó bá ń gba náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí gbogbo owó sì wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù 10, èlé jẹ́ 300,000. Èrè ọdún á ku 50,000 péré. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n gba owó náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń da ẹja sílẹ̀, kí wọ́n sì máa san án padà bí apá kọ̀ọ̀kan bá ti tà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san láti oṣù kìíní, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ nílé, torí ẹja kì í mówó wá kó tó gbó.

Ohun tí màmá alága wọn máa sọ kò ju báyìí lọ: “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àwọn oníbàárà wa rèé nínú ìwé yìí, 60 kílò ni wọ́n ń fẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹja Ìkòròdú lè dínwó ju tiwa lọ, àmọ́ tiwa ń dé ẹnu ọ̀nà wọn láàyè. Àwa ti ní 500,000. A ń béèrè 1,500,000 lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó sì máa gba tiyín bí a bá ṣe ń tà. Bí kílò bá já sí abẹ́ 2,611, a kò ní jèrè, nítorí náà a máa yan ẹja tó bá ṣẹ́kù, a kò ní tà á ní ọ̀pọ̀.”