Òjìji Ara Lẹ́tà

Ọ̀ràn kékeré ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó dójú tì wá púpọ̀ ní Ìgàngàn, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò níbẹ̀. Ilé-ìwé tí a wà fẹ́ fi irè oko àwọn ọmọ han àwọn òbí wọn, àwa sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún wa ní pátákó ẹnu ọ̀nà kọ. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2. A kùn ún ní funfun, a sì fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kọ ÌPÀTẸ sí òkè, ỌKÀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 6, ìlà ara rẹ̀ sì nípọn ní ínṣì 1.

Bí a ti kọ ọ́ tán, ó rí pẹlẹbẹ lójú wa. A fẹ́ kí ó yọ síta bí ohun tí a fi igi gbẹ́. Nítorí náà a fi ọ̀dà dúdú ṣe òjìji sí apá òsì àti ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà, a sì jẹ́ kí òjìji náà nípọn tó ìlà lẹ́tà gan-an. Inú wa dùn sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà kan dúró ní òdìkejì ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ta ni ó ń ta oká níhìn-ín?”

A dáhùn pé, “Bàbá, ọkà ni, ejò kọ́.”

Ó ní, “Ohun tí ẹ kọ ni mo kà.”

A lọ síbi tí bàbá dúró sí, a sì rí i pé òótọ́ ni. Òjìji ti gbé àmì abẹ́ Ọ mì. Nítorí pé ìlà méjèèjì sún mọ́ra jù, òjìji ẹsẹ̀ T ti òkè ti bo àmì ohùn orí À pẹ̀lú. Ojú ihò P ti dí. Dúdú sì ni ojú ń kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí aró.

A tọ ọkùnrin kan lọ ní ìlú náà tí ó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ̀. Ó di ojú ní ìdajì, ó wo iṣẹ́ wa láti òkèèrè, ó ní, “Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èwo ni ẹ rí, lẹ́tà tàbí òjìji?” Òjìji ni. Ó kọ́ wa pé bí pátákó bá funfun tí lẹ́tà sì ṣókùnkùn, kí òjìji jẹ́ àwọ̀ eérú fífúyẹ́, kí ó sún mọ́ àwọ̀ pátákó ju ti lẹ́tà lọ.

Ó yin apá òsì tí a yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ ìdí rẹ̀. Igi òró tí ó dúró gbọọrọ ni ó wà ní òsì P, E àti K, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni a ó fa búrọ́ọ̀ṣì wálẹ̀. Ẹni tí ó bá yan ọ̀tún yóò máa tẹ̀lé gbogbo ikùn àti apá lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá yàn fún lẹ́tà kan ni a gbọ́dọ̀ yàn fún gbogbo wọn.

A tún pátákó náà kùn. Ní ìgbà yìí òjìji jẹ́ ìdámẹ́ta ìlà lẹ́tà, a sì fi funfun tín-ín-rín bí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ sí àárín òun àti lẹ́tà, kí ara lẹ́tà lè mọ́ kedere. Òjìji yìí àti àlàfo rẹ̀ kò kọjá ìdajì ínṣì sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà a sọ àmì abẹ́ Ẹ àti Ọ kalẹ̀ ní ínṣì 1 sí ẹsẹ̀ lẹ́tà, a kò sì fún àmì kankan ní òjìji. A fi àyè sí àárín lẹ́tà sí lẹ́tà, a sì sún ìlà ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀ sí i. Ọjọ́ ìpàtẹ tí a kọ wẹ́wẹ́ sí etí pátákó kò ní òjìji rárá, nítorí pé lẹ́tà kékeré kò ní àyè fún un.

Vincent Figgins, tí ó ń rọ lẹ́tà fún àwọn atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fi lẹ́tà olójìji hàn nínú ìwé àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ọdún 1815. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun kan lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ohun kan lórí, òjìji rẹ̀ lè ṣubú síbi tí ó wù ú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, a kò sì ronú kàn án títí tí bàbá fi bi wá léèrè ejò.

Bàbá kọjá ní ọjọ́ ìpàtẹ. Ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà bí ti àkọ́kọ́, ó kà á sókè, ó wọlé, ó sì ra ọkà.