Eegun Kànnàkànnà Adìyẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jíbówú, láàyè ni ìyá mi máa ń gbé adìyẹ ọdún wálé. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń pa á, omi gbígbóná la fi ń tu ìyẹ́ rẹ̀. Tí ìyá mi bá ń kun ún, á yọ eegun tín-ín-rín kan fún mi níbi tí ọrùn ti pàdé àyà, ẹlẹ́ka méjì bí igi kànnàkànnà. Mo máa ń sá a sójú fèrèsé. Tí mo bá fi ìka tẹ ẹ̀ka méjèèjì, wọ́n á sún mọ́ra. Tí mo bá jọ̀wọ́ wọn, wọ́n á padà.

Fírísà la ti ń rà á báyìí, itan lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀. Ayùn ti gé eegun yẹn kó tó dé ọwọ́ wa. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n.

Eegun yìí gan-an ló da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí ẹyẹ ti ṣẹ̀ wá. Gerhard Heilmann, ará Dẹ́ńmáàkì, rí i pé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn dáínásọ̀ kan jọ ti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ ní 1926, ó ní wọn ò ní eegun iwájú èjìká méjì tó máa ń so pọ̀ di kànnàkànnà yìí, ohun tí ìran kan bá sì ti sọ nù kì í padà wá, torí náà ẹyẹ ò lè ti ara wọn wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ eegun ọ̀hún wà. Tín-ín-rín ló rí, tí ẹran bá ti jẹrà, omi á gbé e lọ, tàbí kó bọ́ sáàárín àwọn eegun ikùn, kí wọ́n sì pè é ní ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀kan jáde nítòsí wa. Ní 1997, Paul Sereno àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbẹ́ dáínásọ̀ kan tó ń pẹja jẹ, tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ọ̀nì, ní aṣálẹ̀ Ténéré ní Nìjẹ̀. Sukomímọ́sì ni wọ́n pè é. Odò ló ń ṣàn níbẹ̀ nígbà náà, ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Iyanrìn nìkan ló kù báyìí. Ní 2007, wọ́n tẹ ìròyìn kànnàkànnà rẹ̀ jáde: eegun kan ṣoṣo, ẹ̀ka méjèèjì dọ́gba.

Kì í ṣe òun ló bí ẹyẹ o. Ẹyẹ àtijọ́ tí wọ́n rí ní Jámánì ní 1861 ti gbó tó 150 mílíọ̀nù ọdún, ó ṣáájú rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni àwọn méjèèjì ti jogún eegun yìí. Ohun tí eegun náà fi hàn ni pé kànnàkànnà ti wà nínú ìdílé dáínásọ̀ kí ẹyẹ kankan tó fò. Ìyẹ́ ni ti Nìjẹ̀ ò fi hàn, torí iyanrìn odò kì í pa ìyẹ́ mọ́. Ẹrẹ̀ adágún ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣe ìyẹn, láti 1996.

Ní Kérésì tó kọjá, mo ra adìyẹ láàyè. Mo sá eegun náà sójú fèrèsé, àwọn bọ́ọ̀sì ń fun fèrè ní gáréèjì. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ ẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.