Bí wákàtí méje ààbọ̀ ṣe di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà àlòkù wa ní Wàńdó

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la gbé wá lónìí. Ẹni tí kò bá tíì kọ ètò rí náà lè bá wa lọ, torí ọjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́rin la máa ń pé jọ lẹ́yìn ọjà Wàńdó, lórí ẹ̀rọ àlòkù kan tí a dá owó rà. Ọ̀kan nínú wa ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, ìṣirò rẹ̀ sì ń fẹ́ kí a sọ màtíríìsì méjì di púpọ̀ ara wọn ní ìgbà 300. Màtíríìsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà 2048 àti òpó 2048. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí méje ààbọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Iná kì í dúró tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, gúrúpù la ó tàn, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo payó etí títì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sun lásán mọ́.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a kọ́kọ́ wọn ọ́n. Lórí Línúọ́sì, pírófáílà kan wà tó ń jẹ́ `perf`. Òun ló ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ fẹ́ nǹkan tí kò sì rí i nítòsí:

```
perf stat -e cycles,instructions,L1-dcache-load-misses ./mm
```

Nọ́ńbà tó jáde fún ìsọdipúpọ̀ kan ju bílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ lọ. A mú ìwé, a ṣírò 2048 ní ọ̀nà mẹ́ta, ó jẹ́ 8,589,934,592. Ìyẹn ni pé lórí gbogbo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà ń wá nǹkan tí kò sí lórí tábìlì rẹ̀.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ náà wé ìyá tó ń ta tòmátì ní Wàńdó. Orí tábìlì rẹ̀ ni káàṣì àkọ́kọ́, ó kéré, ó sì yá. Àgbàlá ìkẹ́rùsí rẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ìrántí ńlá inú kọ̀ǹpútà dà bí Dàntọ́kpà ní Kùtọnú: bí o bá ránṣẹ́ síbẹ̀, o ó dúró. Ẹ̀rọ kì í sì í ra tòmátì kan ṣoṣo láti Dàntọ́kpà. Páálí ló ń rà, páálí kan jẹ́ báìtì 64, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ara wọn. Nínú èdè Sí, àwọn nọ́ńbà ìlà kan ló ń tẹ̀ lé ara wọn, ti òpó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò wa ń lo `i`, `j`, `k`, pẹ̀lú `k` ní inú pátápátá, nítorí náà ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó `B`. Ó ń ra páálí, ó ń mú ẹyọ kan, ó sì ń sọ méje tó kù nù.

A kàn pààrọ̀ ipò àyípo méjì ni:

```c
for (i = 0; i < n; i++)
  for (k = 0; k < n; k++)
    for (j = 0; j < n; j++)
      C[i][j] += A[i][k] * B[k][j];
```

Báyìí, ó ń rìn lórí ìlà `B`, ó sì ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìṣẹ́jú àáyá 90 di bíi 9. Pírófáílà náà jẹ́rìí sí i: bílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ di bílíọ̀nù kan àti díẹ̀, ìdá mẹ́jọ gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó ni ìwé náà béèrè bóyá ìdáhùn kò ní yí padà. Kò yí rárá, torí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú `C` ṣì ń kó àròpọ̀ rẹ̀ jọ ní ìtò `k` kan náà, láti kékeré dé ńlá.

Kì í ṣe ibẹ̀ ló parí sí. `B` jẹ́ mẹ́gábáìtì 32, káàṣì tó tóbi jù lórí ẹ̀rọ wa sì jẹ́ 3. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan nínú `A`, gbogbo `B` ni a tún ń kó láti Dàntọ́kpà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́: kí a mú ègé `B` oníbùú 32 lóòró 32, kí a lò ó títí, kí a tó mú òmíràn. Ègé kan jẹ́ kílóbáìtì 8. Mẹ́ta, ọ̀kan láti inú màtíríìsì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 24. Tábìlì wa gba 32. Lórí ìwé, ó wọlé.

Ìṣẹ́jú àáyá 9 di bíi 7. Ó dára, ṣùgbọ́n `perf` ṣì ń sọ bílíọ̀nù kan fún wa, bí ti tẹ́lẹ̀. Èyí ló dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo rẹ̀, torí aago nìkan kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tábìlì náà kì í ṣe pẹpẹ gbalasa. Àpótí 64 ló wà lórí rẹ̀, àpótí kan gba páálí mẹ́jọ péré, àdírẹ́sì páálí ló sì ń pinnu àpótí tí yóò wọ̀. Ìlà kan nínú `B` jẹ́ páálí 256. Ẹ fi 64 pín 256, kò ní ku nǹkan kan. Nítorí náà ìlà méjìlélọ́gbọ̀n ègé wa ń du àpótí mẹ́rin kan náà. Páálí 128 ń wá àyè, àyè 32 péré ló wà, àpótí ọgọ́ta yòókù sì ṣófo. Bí wọ́n ti ń wọlé ni wọ́n ń ti ara wọn jáde. Ó yá díẹ̀ kìkì nítorí pé káàṣì ńlá ni a ti ń kó wọn báyìí, kì í ṣe Dàntọ́kpà.

Oògùn rẹ̀ kò ju kí a fi nọ́ńbà mẹ́jọ tí a kò ní lò kún ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan:

```c
static double A[2048][2056], B[2048][2056], C[2048][2056];
```

Ìlà wá di páálí 257. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àpótí tó tẹ̀ lé ti ìṣáájú, ègé náà sì fẹ̀ ká tábìlì. Iye tí `perf` kà já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, àkókò sì di bíi ìṣẹ́jú àáyá 5. Lọ́nà 300, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Bátìrì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e.

Ẹni tó ń lo Páítọ́ọ̀nù kò nílò láti kọ èyí fúnra rẹ̀. `A @ B` nínú `numpy` máa ń gbé iṣẹ́ náà fún ilé ìkàwé bíi `OpenBLAS`, ó sì yá ju tiwa lọ, torí ó ń ṣe gígé yìí ní ìpele púpọ̀, ó tún ń da ègé kọ̀ọ̀kan kọ síbi kan kí àpótí má baà di ìjà. Àyípo tí ẹ bá fọwọ́ kọ fúnra yín lèyí wúlò fún. Kì í sì í ṣe 32 ni yóò bá gbogbo ẹ̀rọ mu: ẹ tẹ `lscpu -C`, ẹ wo `ONE-SIZE` lórí ìlà `L1d`, torí àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ní 48. Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 2000, ìjà àpótí náà yóò rọlẹ̀ púpọ̀ láìsí àfikún kankan.