Fèrèsé tó rìn

Ẹ jókòó, mo fẹ́ sọ bí fọ́tò kan ṣe fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ 🧵

Bàbá kan ní Òṣogbo fẹ́ yọ táìlì ojú ilé wọn, kí wọ́n fi òkúta rọ́pò rẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní London ló máa sanwó. Wọ́n ní kí n fi bó ṣe máa rí hàn àwọn nínú fọ́tò.

Èmi ọ̀gá, mo ṣí ComfyUI, mo kun gbogbo iwájú ilé náà ní máàsìkì, ìyẹn ibi tí mo fẹ́ kí ó tún yà. Ó dára lójú mi, mo fi ránṣẹ́.

Ọmọ pe bàbá: "Dádì, ta ló ní kí ẹ fọ́ wíńdò yàrá Mọ́mì? A ò jọ sọ ti fífọ́ ògiri o!"

Mo wò ó dáadáa. Fèrèsé ti rìn sápá òsì. Irin rẹ̀ mẹ́fà ti di mẹ́rin. Wáyà iná tó kọjá níwájú ilé, kò sí mọ́. Ojú tì mí gan-an.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ògiri nìkan ni mo kùn. Mo pa máàsìkì rẹ́ kúrò lórí fèrèsé, irin, ilẹ̀kùn àti wáyà yẹn (wáyà yẹn nìkan gba ogún ìṣẹ́jú).

Denoise tó wà nínú KSampler, mo fi sí 0.5, àmọ́ ilà táìlì àtijọ́ ṣì ń yọjú lábẹ́ òkúta. Mo gbé e lọ sí 0.85, táìlì lọ, ṣùgbọ́n òkúta kò tẹ̀lé bí ògiri ṣe dagun mọ́. Mo bá fi ControlNet kún un. Canny ni mo kọ́kọ́ lò. Àṣìṣe ni! Gbogbo ilà tó bá rí ló máa ń dì mú, ó sì dá ilà táìlì padà fún mi. Depth ló gbà mí: bí nǹkan ṣe jìnnà sí ni ó ń wò, ilà táìlì kò sì jinlẹ̀ débi tó máa rí i.

Síbẹ̀ irin fèrèsé ṣì rí wúruwùru, bẹ́ẹ̀ mi ò kùn ún. VAE ni. Ó máa ń fún gbogbo fọ́tò pọ̀, á tún tú u ká, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Torí náà, lẹ́yìn VAE Decode, mo fi ImageCompositeMasked gbé ògiri tuntun nìkan lé orí fọ́tò àkọ́kọ́.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti tọ́? Mo kó fọ́tò méjèèjì sínú GIMP, mo to ọ̀kan lé èkejì, mo yan Difference. Ibi tí kò bá yí padà á dúdú kirikiri. Ògiri nìkan ló tàn.

Ó ku òjìji òrùlé tó máa ń bọ́ sára ògiri. Ó ti bá táìlì lọ. Ọwọ́ ni mo fi kùn ún padà.

Bàbá na fọ́tò náà lórí fóònù, wọ́n ka irin fèrèsé: mẹ́fà. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé o lè fi òkúta tó pupa díẹ̀ hàn mí?"

Máàsìkì ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yí padà.