Kí Lo Ń Ṣe Nígbà Tí O Ṣubú?

Ọdún 1984 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Nígbà yẹn, bákan náà la ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá dákú: a ó da omi sí i lójú, a ó fún un ní gúlúkóòsì, a ó ní kó lọ sinmi. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n díẹ̀ nílẹ̀, àwọn ará ilé á ti máa wá ṣíbí tí wọn yóò tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní wárápá ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dákú ni kò ní àrùn kankan. Bí ènìyàn bá dúró pẹ́ nínú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ sí ẹsẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ọkàn á dẹwọ́ ìlù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó lọ sí ọpọlọ mọ́. Ẹlòmíràn, kó ṣáà ti rí abẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ara sábà máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú: òyì, òógùn tútù, inú rírìn, ojú tó ń ṣú. Tó bá ti nà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà sí orí, á sì jí kíákíá. Ọwọ́ tó gbọ̀n fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kò sọ ọ́ di wárápá.

Ní 1996 ni wọ́n gbé ọmọbìnrin ọdún 14 kan wá. Ó ṣubú níbi eré ìdárayá ilé ìwé. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní oòrùn ló pa á, wọ́n fún un ní gúlúkóòsì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tó ṣubú.

"Mò ń sáré lọ́wọ́ ni, mà. Òyì ò kọ́ mi. Ilẹ̀ ni mo ṣáà bá ara mi."

Ìyá rẹ̀ wá fi kún un pé àbúrò òun kan sùn lọ́mọ ọdún 22, kò jí. Ara mi bù máṣọ. Dókítà wa ní kí wọ́n ya ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n àkókò tí ọkàn fi ń lù tó sì ń gba agbára padà, tí kò yẹ kó kọjá nǹkan bí 0.46 ìṣẹ́jú-àáyá fún obìnrin, wọ 0.52. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè dédé bọ́ sínú ìlù àìlétò nígbà eré sísá. Wọ́n fún un ní purópánólọ́ọ̀lù, wọ́n dá a lẹ́kun eré ìje, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan halofántíríìnì, oògùn ibà tó gbòde nígbà náà, torí pé ó ń fa àkókò yìí gùn sí i.

Lónìí, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn ti pọ̀ ju ti ayé ìgbà yẹn lọ. Síbẹ̀, ìwé tí ẹ̀rọ náà yà lè mọ́ lónìí kí ewu ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú àti ẹni tó rí i.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹni tó bá ṣubú bó ṣe ń sáré, tàbí tó dákú lórí ibùsùn, tàbí láìsí ìkìlọ̀ kankan, tàbí tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, ẹ má ṣe rán an lọ sinmi. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.