Sítóòfù Aboyún Ìbàdàn: Ṣé Ó Kan Ará Tákíè?

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni kí á yẹ ìwádìí ìṣègùn kan wò fínnífínní. Mo mú ti aboyún 324 ní Ìbàdàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fún nǹkan bí ìdajì wọn ní sítóòfù ẹ́tánọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Nígbà tí oyún dàgbà, nǹkan bí 6 nínú 100 àwọn yòókù ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Nǹkan bí 2 nínú 100 ni láàárín àwọn tó gba sítóòfù.

Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín wọn, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi sítóòfù pamọ́ fún ẹni tó ń fi í dáná? Ọkàn ẹni tó mọ̀ pé òun rí gbà lè balẹ̀, ìyẹn nìkan sì lè mú ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀.

Iye ènìyàn ló kọ mí lóminú jù. Bí a bá kà wọ́n lórí, nǹkan bí obìnrin 10 sí 3 ni. Bí ti obìnrin méjì péré bá yí padà, àlàfo yẹn á fún pọ̀.

Èéfín tó wà ní Ìbàdàn náà ló wà ní Tákíè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ olùwádìí ni sítóòfù yẹn ti wá. Ẹni tó máa fowó ara rẹ̀ rà á lè padà sídìí igi lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n. Ìdájọ́ mi: ó ṣeé gbọ́, àmọ́ kò tíì tó gbára lé.